Ẹ̀yin Olùtajà, Ẹ̀yin Tó Ń Parí Ẹjọ́ Lórí Áàpù, Máṣìnnì Mi Dà?

Lẹ́tà tí mo kọ sí ẹni tó tajà fún mi lórí áàpù, àti sí àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀sùn níbẹ̀, ló wà nísàlẹ̀ yìí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Owó mi ni mò ń bèèrè, kì í ṣe ìtìjú wọn.

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí pọ̀. Tí mo bá pe olùtajà, á ní kí n lọ bá áàpù. Tí mo bá kọ̀wé sí áàpù, wọ́n á ní kí n lọ bá olùtajà. Ṣé bọ́ọ̀lù ni mí ni?

Ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni mo san ₦95,000 fún orí máṣìnnì ìránṣọ. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni mo rà á fún, Sátidé tó ń bọ̀ ló máa gba fírídọ̀mù. Mowe ni mo ní kí ẹ gbé e wá. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ kọ "Delivered" síwájú orúkọ mi. Ta lẹ gbé e fún?

Mo wo ìrìn ẹrù náà dáadáa. Ifọ ló dé gbẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta ni Ifọ wà. Mowe àti Ibafo wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹrù tó bá dúró sí Ifọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fún ẹni tó bá gbé ẹrù wá ní nọ́ńbà mẹ́fà tó wà lórí fóònù mi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nọ́ńbà yẹn títí dòní.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ìwọ̀n. Ìwé ẹrù náà kọ kílò 1.2. Orí máṣìnnì onírin ju kílò 10 lọ. Ó jọ pé máṣìnnì ò tiẹ̀ sí nínú páálí yẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin onídàájọ́ áàpù, ẹ má tíì san owó náà fún olùtajà. Ẹ fi fọ́tò tàbí ìbuwọ́lù ẹni tó gba ẹrù hàn mí. Olùtajà, ẹ fi ìwé ibi tẹ́ ẹ ti wọn ẹrù hàn. Tí kò bá sí ẹ̀rí láàárín ọjọ́ méje, ẹ dá ₦95,000 mi padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mo máa gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà.

Ẹ̀yin ará, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé ìrìn ẹrù yín kí wọ́n tó yí i padà. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà yẹn láìtíì tú páálí wò. Ọmọ wa ṣì ń retí máṣìnnì o.