Ìbéèrè Kejì Ló Tú Mi Fó

Ní ọdún 2004, mo jókòó síwájú àwọn olùkọ́ mẹ́ta ní yunifásítì tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí mo fi fẹ́ gba oyè. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àgbà olùkọ́ tí wọ́n pè wá láti yunifásítì mìíràn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ mi dá lé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi há orí kejì ìwé náà sórí, bí ẹnikẹ́ni bá jí mi lóru, n ó kà á láìṣì gbólóhùn kan.

Bàbá àlejò yìí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń yí padà bó bá ti dé ẹnu Yorùbá. Inú mi dùn, nítorí ìbéèrè tí mo ń retí gan-an nìyẹn. Mo dáhùn wàràwàrà pé èdè Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́nsónáǹtì láàyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi kọ́nsónáǹtì parí sílébù.

Bàbá mi orí. "O ṣeun. Kí ló parí 'ìbọn'?"

"Lẹ́tà n ni, sà."

"Ṣé kọ́nsónáǹtì ni n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Òfin tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kà fún wa wá ńkọ́?"

Òógùn bò mí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Èdè Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀..." Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ti rí ọmọdé tó ń ka álífábẹ́ẹ̀tì rí. Bí ẹ bá bi í pé lẹ́tà wo ló tẹ̀lé ṣ, yóò kọ́kọ́ padà sí a, b, d. Bí mo ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ìdáhùn ọ̀rọ̀ náà kò sì le. N tó wà ní ìparí "ìbọn" kì í ṣe ìró lọ́tọ̀. Àmì lásán ni, tó ń sọ fún wa pé kí á pe fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ gba imú. Ẹ pè é wò: ahọ́n yín kò ní kan àjà ẹnu ní ìparí rẹ̀, bó ṣe ń kàn án nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe "náà". Fáwẹ̀lì àránmúpè ló parí ọ̀rọ̀ náà, òfin mi kò sì yẹ̀. Mo mọ fáwẹ̀lì àránmúpè o, mo ti ṣe ìdánwò rẹ̀ yege rí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ibi tí mo tọ́jú rẹ̀ sí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí òfin wà. N kò so wọ́n pọ̀ rí.

Bàbá yí ohùn padà. Wọ́n ní níbo ni mo ti kó àwọn ọ̀rọ̀ mi jọ. Mo ròyìn ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ilé búrẹ́dì tí mo jókòó sí, ẹnu mi sì já gaara. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bi mí pé, "Kí ló dé tó jẹ́ 'búrẹ́dì' la ń pè, tí kì í ṣe 'bírẹ́dì'?"

Kò sí nínú ìwé mi. Mo dákẹ́, mo ń pe ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ètè. Nígbà tó pẹ́, mo ní, "Bóyá nítorí pé ètè la fi ń pe b, ètè náà la sì ń sù jọ láti pe u."

"Ó dára. 'Bíríkì' wá ńkọ́?"

Mo tún dákẹ́. "Sà, i tó wà nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló fa fáwẹ̀lì tó ṣáájú rẹ̀ mọ́ra." Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá rẹ́rìn-ín nìyẹn.

Wọ́n fún mi ní oyè náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n tún orí kejì kọ. Olùkọ́ tó darí iṣẹ́ mi ló wá là mí lóye. Wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í dán ẹnikẹ́ni wò, ìwé lè dáhùn rẹ̀. Ìkejì ló ń gbé àpẹẹrẹ tó jọ pé ó ta ko ìdáhùn kalẹ̀. Ẹni tó há a sórí yóò yára ní àkọ́kọ́, yóò sì kú síbẹ̀ ní ìkejì, tàbí kó tún orin kan náà kọ. Ẹni tó yé lè lọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń kọ́ ìdáhùn náà ní bíríkì kọ̀ọ̀kan.

Mo ní ẹ̀rù ló bà mí. Wọ́n ní òótọ́ ni pé ẹ̀rù lè jọ àìmọ̀, ìdí nìyẹn tí Bàbá fi bi mí ní ohun tí mo fojú ara mi rí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù nìkan, n kò bá ti kólòlò níbẹ̀ pẹ̀lú. Olùdánwò tí kò bá ṣe ìyẹn lè já ojo tó mọ̀wé sílẹ̀.

Mo tún orí kejì náà kọ. "Ìbọn" ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.