Ọwọ́ Ló Rí I, Ẹsẹ̀ Ló Gbé Mi Lọ

Ẹ̀yin ará, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé wa yìí, mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ ọmú kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ láàrin ìjọ. Ṣùgbọ́n láàrin ọdún méjì, obìnrin mẹ́ta ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n rọra bi mí pé, "Mọ́mì, kókó kan wà lọ́mú mi o, kí ni kí n ṣe?" Mo wá rò ó pé ó sàn kí n dá gbogbo wa lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni, nínú oṣù kejì ọdún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà Máìlì Tíríì dé, mo ń wẹ̀. Ọṣẹ ti jẹ́ kí ara yọ̀, ni ìka mi bá kọ nǹkan kan lókè ọmú òsì, níhà abíyá. Kò ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó le. Mo fọwọ́ tì í, kò fi bẹ́ẹ̀ sún. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí rárá. Àìdùn yẹn gan-an ló fi mí lọ́kàn balẹ̀, torí mo rò pé ohun tí ò bá ti dunni kò lè pani. Ọdún méjìdínláàádọ́ta ni mí nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò wa ní Díóbù, ọmọkùnrin ibẹ̀ ní ó lè jẹ́ pé ọyún ló fẹ́ kó sínú ọmú, ó kó oògùn ọjọ́ mẹ́wàá fún mi. Mo lò ó tán, kókó ò kúrò. Ẹnìkan fún mi ní àgúnmu àti òrí tí màá máa fi pa á. Mo pa á títí. Oṣù kẹta lọ, oṣù kẹrin lọ, mo ń ta aṣọ, mo ń fọwọ́ kàn án lálaalẹ́ bíi pé màá bá a pé kò sí mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù karùn-ún, mo gbọ́wọ́ sókè níwájú dígí kí n lè wé gèlè, mo wá rí i pé awọ ọmú náà ti wọnú níbì kan, bí ìgbà téèyàn fi ìka tẹ búrẹ́dì tí kò sì dìde padà. Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá gbáko ni mo ti fi ṣòfò.

Ní ọjọ́ Tuesday, ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Pọtakọ́ọ̀tù ní Alakahia. Dókítà tó rí mi, obìnrin ni, ọmọ Ògóni. Ó ní, "Màmá, mi ò lè fi ọwọ́ mọ ohun tó jẹ́, ìwọ náà ò lè mọ̀ ọ́n. Ohun mẹ́ta la máa fi mọ̀ ọ́n, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu."

Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ òun fúnra rẹ̀: ó yẹ ọmú méjèèjì wò, ó yẹ abíyá méjèèjì àti òkè egungun èjìká. Ìkejì ni àwòrán. Wọ́n ya máńmógírámù, wọ́n sì ṣe sìkáànù. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin, sìkáànù nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe fún wọn, torí ọmú wọn ki, máńmógírámù kì í ríran dáadáa nínú rẹ̀. Ìkẹta ni abẹ́rẹ́. Wọ́n fún ibẹ̀ lóògùn tí kì í jẹ́ kó dunni, wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ kan tó nípọn díẹ̀ mú ẹran tín-ín-rín tín-ín-rín jáde. Á dún "tá!", á tún dún "tá!", ó pé mẹ́rin. Wọ́n kó o sínú ìgò kékeré tí omi fọ́málínì wà nínú rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí láàbù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé bí irin bá ti kan kókó, ńṣe ni yóò tàn ká ara. Mo bi dókítà. Ó ní abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń mú un tàn, àkókò ni. Àwọn tó ń sá fún abẹ́rẹ́ ló máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá, nígbà tí wọ́n bá sì dé, ó ti tàn, ni gbogbo èèyàn á bá di ẹ̀bi ru abẹ́rẹ́.

Èsì jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ó ti tó sẹ̀ǹtímítà 3.5, ó sì ti dé abíyá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá ibẹ̀. Wọ́n fún mi ní kẹ́mò, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, mo ṣì ń lo oníkóró kan lójoojúmọ́ títí di òní. Ìdí tí wọ́n fi mọ̀ pé oníkóró yẹn yóò ṣiṣẹ́ ni pé láàbù tún dán ẹran náà wò, wọ́n sì rí i pé họ́mónù obìnrin ló ń fún jẹjẹrẹ tèmi lágbára. Tí kì í bá ṣe ti abẹ́rẹ́ yẹn, wọn ì bá kàn máa méfò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọ̀rẹ́ mi kan, tí mi ò ní dárúkọ. Òun kò jáfara bíi tèmi. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan tó rí kókó ló ti lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Wọ́n ní ọ̀rá lásán ni, wọ́n gé e kúrò lọ́jọ́ náà, wọ́n rán an, wọ́n sì da ohun tí wọ́n gé nù. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ sí láàbù. Kò tó ọdún kan, kókó hù padà lójú àpá náà. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ ohun tó jẹ́, ó ti dé ẹ̀dọ̀. A sin ín ní ọdún kejì. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gé kókó lára yín, ẹ bi í pé, "Láàbù wo lẹ máa gbé e lọ? Ìgbà wo ni màá gba ìwé èsì?" Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín. Bí wọn ò bá rí ìdáhùn fún yín, ẹ dìde.

Ẹ ó bi mí pé báwo la ṣe ń yẹ ara wa wò. Ẹni tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, kó dúró di ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó bá parí, torí kí nǹkan oṣù tó dé, ọmú máa ń wú, ó sì máa ń ní kókó kókó tí yóò lọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò ṣe é mọ́, kó mú ọjọ́ kan nínú oṣù. Kọ́kọ́ dúró níwájú dígí: sọ ọwọ́ sílẹ̀, gbé e sókè, fi méjèèjì mú ìbàdí. Wò ó bóyá awọ wọnú, bóyá orí ọmú tí kì í wọnú tẹ́lẹ̀ ti wọnú, bóyá awọ ti rí bí èèpo ọsàn, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí ọmú. Lẹ́yìn náà, dùbúlẹ̀, fi apá kan sẹ́yìn orí, kí ọwọ́ kejì máa ṣiṣẹ́. Ikùn ìka mẹ́ta àárín la fi ń ṣe é, kì í ṣe ṣóńṣó wọn. Máa yí i roboto, kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n, tẹ̀ ẹ́ wọlé, láti egungun èjìká dé ìsàlẹ̀ ọmú, láti abíyá dé àárín àyà. Má gbàgbé inú abíyá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Ní ìlú Ṣáńgáì ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n kó obìnrin tó lé ní 260,000 jọ láti àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ, wọ́n kọ́ apá kan nínú wọn ní àyẹ̀wò yìí, wọn ò kọ́ apá kejì. Nígbà tí èsì jáde ní 2002, iye àwọn tí jẹjẹrẹ ọmú pa láàrin àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọwọ́ nìkan kì í wo àrùn. Èmi náà rí tèmi nínú oṣù kejì, kí ni rírí yẹn ṣe fún mi títí di oṣù karùn-ún? Mọ bí ọmú rẹ ṣe máa ń rí, kí o lè mọ ọjọ́ tó bá yí padà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ló kù.

Báwo ló ṣe yẹ kó yá tó? Bí o bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kí dókítà ti rí ọ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Bí o kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, o lè dúró de nǹkan oṣù kan, bí kókó bá ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, máa lọ. Ṣùgbọ́n bí awọ bá wọnú tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, má dúró de nǹkan kan, ọmọ ọdún mélòó tó o bá jẹ́. Àjọ ìlera àgbáyé ní láti ọjọ́ tí o bá ti dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò yẹ kó ju 60 ọjọ́ lọ kí wọ́n tó mọ ohun tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nínú àwọn mẹ́ta tó wá bá mi, méjì ti gba èsì: ti ọ̀kan jẹ́ àpò omi lásán, ti èkejì jẹ́ kókó tí kì í pani tó máa ń yọ lára ọ̀dọ́bìnrin. Ẹ̀kẹta ṣì ń "gbàdúrà sí i." Àǹtí, ìwọ ni mo ń bá wí. Gbàdúrà nínú mọ́tò tó ń lọ sí Alakahia.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn àìsàn mi, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun rí kókó kan nínú ẹpọ̀n òun. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ti wà lọ́dọ̀ dókítà, sìkáànù sì fi hàn pé omi ló kó jọ yí kóró ẹpọ̀n ká, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n kò wọ́pọ̀ láàrin àwa adúláwọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń mú, ó sì máa ń gbọ́ oògùn gan-an. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi omi gbígbóná wẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka yí kóró kọ̀ọ̀kan wò jẹ́jẹ́. Okùn rírọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Kí ọ̀kan rọ̀ ju èkejì lọ, kò burú. Kókó líle lára kóró gan-an ni kí ẹ gbé lọ sí ilé ìwòsàn láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi abẹ́rẹ́ gún un láti ara ẹpọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ìrora líle bá ṣàdédé dé sí kóró ẹpọ̀n, ìyẹn kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó lè jẹ́ pé ó ti lọ́ mọ́ra, láàrin wákàtí mẹ́fà ni wọ́n lè fi gbà á là. Òru ni o, òjò ni o, ẹ gbéra.

Àwọn tó ti gbé Ìbàdàn rí á rántí Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu. Jẹjẹrẹ ọmú mú un ní 1997, ó gba ìtọ́jú, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, ogún ọdún lẹ́yìn náà ló di ìyàwó gómìnà Oǹdó. Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí mo bá ń lo oníkóró mi láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá tèmi ò ṣeé gbà padà mọ́. Tìrẹ, Àǹtí, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí o bá fẹ́ ẹni tó máa bá ọ jókòó níbẹ̀, mo ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ Tuesday.