Jìtá Pàdé Gángan: Ohun tí Àwo Orin Bàbá Wa Kọ́ Mi

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọ̀dọ́ gbà pé ìran mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni háílàìfù, jùjú àti áfúróbíìtì: pé èkínní kú kí èkejì tó gbérí, èkejì sì gbó kí Fẹlá tó gbé ẹ̀kẹta dé. Àwo orin tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní ilé wa ní Onírèké kò jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àwo wọ̀nyẹn, bí ọmọ ìyá ni àwọn orin náà rí. Wọ́n ń yá ara wọn ní ohun èlò, àwọn òṣèré wọn sì ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè: báwo ni jìtá ṣe ń dún kí etí gbọ́ ọ nígbà tí ìlù bá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Nígbà tí Túndé King gbé orin jùjú sínú àwo ní ọdún 1936, ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin péré tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan á máa ta báńjò, ọ̀kan á máa lu jùjú, ọ̀kan á máa gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Orin inú pálọ̀ ni. Gángan kò sí níbẹ̀, nítorí pé bí ẹnikẹ́ni bá lu gángan nínú pálọ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ báńjò mọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1948 ni Àkànbí Wright mú gángan wọ inú jùjú. Ní ọdún 1949 ni Àyìndé Bákárè so jìtá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ohun méjì yìí ni ó sọ jùjú di ohun tí a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Bí jìtá ṣe ní ohùn tó tó, ìlù kò tún bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Akọrin á kọ orin, gángan á fi ohùn ìlù tún un sọ, jìtá á sì dá àwọn méjèèjì lóhùn.

Ọ̀nà mìíràn ni háílàìfù gbà. Fèrè onídẹ ni agbára tirẹ̀, fèrè onídẹ kò sì nílò ẹ̀rọ kankan kí ohùn rẹ̀ tó kún gbọ̀ngàn. Ní nǹkan bí ọdún 1950 ni E. T. Mensah mú ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Nàìjíríà láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Bobby Benson àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n sì yí ọwọ́ orin wọn padà. Òtẹ́ẹ̀lì ni ilé háílàìfù. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, Eddy Okonta ń ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì Paradise, Roy Chicago sì ṣeré ní òtẹ́ẹ̀lì Central. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ Roy Chicago. Òun ni ó mú ìlù tó ń sọ̀rọ̀ wọ àárín àwọn afọnfèrè, tí háílàìfù rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Yorùbá. Ìlù tí jùjú gbà wọlé ní nǹkan bí ọdún 1948 ti kọjá sí ilé kejì nìyẹn.

Òde àríyá ni jùjú ń jẹ ní tirẹ̀. Nígbà tí I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀ ní ọdún 1957, òde àríyá agbẹjọ́rò kan ní Ìbàdàn wà lára ohun tó gbé e ga, nítorí pé àwọn ènìyàn pàtàkì tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é sí òde tiwọn. Dáíró fi àkọ́díọ̀nù kún jùjú. Àwo kékeré ni tirẹ̀, orin kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ.

Ogun abẹ́lé tó jà láti ọdún 1967 sí 1970 ni ó da òṣùwọ̀n rú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn afọnfèrè háílàìfù jẹ́ ọmọ ìlà-oòrùn, wọ́n sì fi Èkó àti Ìbàdàn sílẹ̀ lọ sílé. Ẹgbẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní afọnfèrè mọ́ kò lè ṣe bí ti tẹ́lẹ̀. Yorùbá ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jùjú, òde àríyá kò sì tán nílẹ̀ Yorùbá. Àyè ṣí sílẹ̀, jùjú sì gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ òfìfo ni àwọn tó gbà á fi wọlé. Ẹgbẹ́ háílàìfù tí Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ń darí ni Sunny Adé ti kọ́ iṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀nà kan náà ni Fẹlá gbà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Cool Cats ti Victor Ọláìyá kí ó tó lọ kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Tony Allen náà kọjá nínú ẹgbẹ́ yẹn kí ó tó di onílù Fẹlá ní ọdún 1964. Nígbà tí Fẹlá ti Amẹ́ríkà dé lẹ́yìn ìrìn àjò ọdún 1969, kò ju fèrè onídẹ háílàìfù nù. Ohun tó ṣe ni pé ó mú jìtá dúró sójú kan, kí ó máa tún gbólóhùn kúkurú kan ta títí, ó sì fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ Tony Allen sábẹ́ rẹ̀. Àwo ńlá ti gbòde nígbà náà. Ojú kan rẹ̀ lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Fẹlá kún un pẹ̀lú orin kan ṣoṣo. Ebenezer Obey àti Sunny Adé náà so orin pọ̀ mọ́ orin láìdúró títí ojú àwo fi tán, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe lóde àríyá.

Èyí ni ìdí tí mo fi kọ̀ fún oníbàárà tó wá sílé wa lẹ́yìn tí bàbá kú. Àwo Fẹlá nìkan ni ó fẹ́, owó tó sì dárúkọ tó láti tún òrùlé wa ṣe. Àbúrò mi ní kí a gbà á. Ó ní ta ni yóò tún gbọ́ Roy Chicago? Èmi kò bá a jà, nítorí pé òrùlé ń jò lóòótọ́. Mo gbé àwo Ọláìyá sórí ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà mo gbé ti Fẹlá. Mo ní kí ó máa fi ìka ka bí fèrè ṣe ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di àwo kẹta, ìyẹn ti Obey, ó ti ń fi ọwọ́ hàn mí ibi tí jìtá ti ń tún ara rẹ̀ ta. A pinnu pé bí a óò bá tà á, gbogbo rẹ̀ ni a óò tà fún ẹnì kan, nítorí pé àwo kọ̀ọ̀kan ni ìtumọ̀ èkejì. Títí di òní, a ń gbé abọ́ sábẹ́ òrùlé nígbà òjò.

Ẹ̀yin náà lè dán an wò. Bí fèrè bá ni ó gbé orin, tí orin náà sì tètè parí, háílàìfù ni. Bí gángan bá ń pe orúkọ ènìyàn, tí jìtá sì ń dá a lóhùn, jùjú ni. Bí ohùn ènìyàn bá pẹ́ kí ó tó wọlé, tí ẹsẹ̀ onílù kò sì bọ́ síbi tí ẹ rò, áfúróbíìtì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwo tí Ṣínà Peters gbé jáde ní ọdún 1989, tó pè ní Ace: Afro-Juju Series 1, kí ẹ tún òṣùwọ̀n yìí lò. Yóò rú yín lójú, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí ó rí.