Ta Ni À Ń Pè Ní Òbí? Àríyànjiyàn Kan Nínú Ìwé Ọmọ Tó Fẹ́ Ka Òfin

Ìròyìn tí ó ti inú ilé wa wá ní Kàdúná nìyí: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ti fi ìwé ránṣẹ́ láti lọ ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti bi mí léèrè bí ó ti kọ àlàyé tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, kí gbogbo wa lè jọ kà á.

Ọ̀dọ̀ UCAS ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá. Fún àwọn tí yóò wọlé láti 2026, ìbéèrè mẹ́ta ni ọmọ yóò dáhùn: ìdí tí ó fi fẹ́ ka iṣẹ́ náà, bí ẹ̀kọ́ tí ó ti kọ́ ṣe múra rẹ̀ sílẹ̀, àti ohun mìíràn tí ó ti ṣe lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Bí a bá ka gbogbo lẹ́tà, àmì àti àlàfo pọ̀, ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbọdọ̀ ju 4,000 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ dín ní 350. Ìwé kan náà ni gbogbo yunifásítì tí ó bá yàn yóò kà, wọn kò sì gbọdọ̀ ju márùn-ún lọ.

Ibi tí ó ti ṣòro ni èyí. Gbogbo ọmọ ló lè kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn òdodo. Ohun tí àwọn olùkọ́ òfin ń wá ni bí ọmọ náà ṣe ń ronú. Ìtàn kúkúrú kan lè fi èyí hàn, bí ìtàn náà bá ní àríyànjiyàn gidi nínú.

Ìtàn tí ọmọ wa mú ni ti ìpàdé ẹgbẹ́ kan tí ó bá wọn kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ náà sọ pé bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ yóò fún un ní ₦50,000 fún ìsìnkú. Ọkùnrin kan wá béèrè owó yìí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kú. Obìnrin náà ló tọ́ ọ láti ọmọ ọdún méjì, òun ló sì rán an níléèwé. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí ọkùnrin náà ṣì wà láàyè nílé. Akápò ní kò ní gbà, àwọn kan sì ń bínú pé ìwà ìkà ni.

Nínú ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ, ariwo ni ó kún ibẹ̀: ẹni tó lu tábìlì, ẹni tó sunkún, àti pé láti ọjọ́ náà ni òun ti mọ̀ pé lọ́yà ni òun yóò jẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ìtàn náà, mo ní kí ó ka ohun tó kù fún mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni?" Mo ní kí ó má yọ ọ́. Mo ní, "Kí ni akápò rí sọ tí ó dára jù lọ?" Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ó padà lọ ronú. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bí ó ti tò ó.

Ọ̀rọ̀ akápò kìíní ni owó: bí a bá sanwó fún ìyá tó tọ́ni, tí a tún sanwó fún ìyá tó bíni, àpò ẹgbẹ́ yóò gbẹ. Ọmọ náà rí i pé èyí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Òbí méjì ni olúkúlùkù ní, nítorí náà ẹgbẹ́ ti múra sílẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀mejì lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí a bá fi òpin sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì, àpò kò ní san ju ohun tí ó ti gbà láti san lọ.

Èkejì ni pé ẹgbẹ́ ti kọ̀ fún ẹlòmíràn rí, nígbà tí àbúrò bàbá rẹ̀ kú. Ó wò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba: àbúrò bàbá yẹn kò tọ́ ẹni tó béèrè owó. A lè fún ẹni ìsinsìnyí láìsọ pé ìdájọ́ àtijọ́ kò tọ́.

Ẹ̀kẹta ni kò rí ìdáhùn sí. Akápò ní òbí ni ẹni tó bíni. Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tó tọ́ni, alágbàtọ́ ni. Àwọn tó kọ òfin mọ ọ̀rọ̀ yìí, wọn kò sì kọ ọ́ sínú rẹ̀.

Níbí ni ó ti rántí ẹjọ́ kan tí ó ti kà, Fisher àti Bell, tí wọ́n dá ní 1960. Olùtajà kan ní Bristol gbé ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ ń fò jáde bí a bá tẹ bọ́tìnì sí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Òfin 1959 ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ lọni fún títà. Ilé ẹjọ́ ní, nínú òfin àdéhùn, gbígbé ọjà sí fèrèsé kì í ṣe fífi lọni. Ṣe ni olùtajà ń pe oníbàárà pé kí ó wá dámọ̀ràn láti rà á. Olùtajà náà bọ́. Àwọn adájọ́ mọ ohun tí òfin náà ń lépa, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀ kún un. Ilé aṣòfin ló tún un ṣe ní 1961.

Ibẹ̀ ni èrò ọmọ wa ti yí. Ó ti fẹ́ kọ ọ́ pé kí wọ́n sanwó. Èyí tí ó wá kọ, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, lọ báyìí ní Yorùbá: "Mo gbà pé ó yẹ kí a ran ọkùnrin náà lọ́wọ́, mo sì gbà pé òfin náà, bí a ti kọ ọ́, kò fún un lówó. Bí ìpàdé bá ń fi àánú yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà lónìí, ó lè fi ìbínú yí i padà lọ́la. Ẹ̀tọ́ ìpàdé ni láti tún òfin kọ. Ṣùgbọ́n àtúnṣe náà pẹ́ jù fún ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá, èmi kò sì tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìyẹn."

Ohun tí ìpàdé ṣe nìyẹn náà: wọ́n dáwó fún ọkùnrin náà látinú àpò ara wọn, wọ́n sì fi alágbàtọ́ kún òfin, pé kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ fún ẹnìkan.

Mo ní kí ó fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ pa á rẹ́, nítorí ó rò pé yóò mú kí òun dà bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni òǹkàwé ti máa rí i pé ó mọ ibi tí èrò tirẹ̀ dé dúró. Nígbà tí ó parí, ìtàn fúnra rẹ̀ kò ju gbólóhùn márùn-ún lọ. Ìyókù jẹ́ ìrònú.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ irú rẹ̀, ẹ má ra ìwé tí ẹlòmíràn kọ. UCAS máa ń fi ìwé wé ìwé láti mọ èyí tí ó jọra. Yunifásítì tí ó bá sì pe ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè bi í léèrè lórí ìtàn náà gan-an. Ìwé yìí kò sì lè rọ́pò máàkì. Àwọn yunifásítì kan tún ń béèrè ìdánwò LNAT fún òfin.

Ọmọ wa kí gbogbo yín. Ìdáhùn kò tíì dé. Bí ó bá dé, ẹ ó gbọ́ ọ níbí.