Káàdì Tí Kò Gbọ́ Èdè Vulkan

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí géèmù kan bá kọ̀ tí kò ṣí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ má tíì sáré pa á rẹ́. Ohun tí ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí Dota 2 rẹ̀ ṣàdédé dákẹ́. Bí ó bá tẹ PLAY nínú Steam, bọ́tìnì náà á di STOP. Kò ní pẹ́, á tún padà di PLAY, a kò sì ní rí ohunkóhun. Ọmọ náà ti múra láti pa géèmù rẹ́ kí ó tún gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ju gígábáìtì 50 lọ, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń ta dátà!

Mo bi í pé, "Kí ni o fọwọ́ kàn kẹ́yìn?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n kọ `-vulkan` sí Launch Options, pé géèmù á yá sí i."

Lórí káàdì ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó lè jẹ́ òótọ́. Vulkan àti DirectX dà bí èdè méjì tí géèmù fi ń pàṣẹ fún káàdì tí ń ya àwòrán, èdè kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Mo kọ `dxdiag` sí àyè ìwákiri Windows, mo ṣí Display. Intel HD Graphics 4000 ni mo rí níbẹ̀, 11_0 sì wà níwájú Feature Levels. Ìyẹn ni pé káàdì náà gbọ́ DirectX 11. Ṣùgbọ́n ọdún 2012 ni irú káàdì yìí jáde, ọdún 2016 ni Vulkan dé, kò sì sí ògbufọ̀ Vulkan fún un lórí Windows. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́. Ọjọ́ orí ni.

A lè yan èdè yìí nínú géèmù pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ta ni yóò dé ìyàrá nígbà tí ìlẹ̀kùn ìta kò ṣí? Ìta ni Launch Options wà. A fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ géèmù, a mú Properties, a rí i lábẹ́ General. A pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́ pátápátá, a kọ:

```
-dx11
```

Ó ṣí! Ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, àwòrán ń dúró díẹ̀díẹ̀, nítorí káàdì ń pèsè iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun ní èdè kejì. Lẹ́yìn náà ó ń lọ geere. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti pa géèmù rẹ́ ni, `-vulkan` ì bá ṣì máa dúró dè é, nítorí Steam kì í pa ìyẹn rẹ́ mọ́ géèmù.

Lórí káàdì mìíràn, DirectX ni ó lè kọ̀ kí Vulkan sì ṣiṣẹ́. Nígbà náà, `-vulkan` ni kí ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹ má kọ méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ Dota 2 nìyí o. Géèmù mìíràn lè ní tirẹ̀. Bí èdè méjèèjì bá kọ̀, ẹ wá ògbufọ̀ tuntun fún káàdì yín, kí ẹ sì lọ sí Installed Files kí Steam yẹ àwọn fáìlì géèmù wò. Èyí tí ó bàjẹ́ nìkan ni yóò tún gbà.