Ibi Tí Oníbàárà Wa Wà

Nígbà tí àbúrò ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọṣẹ dúdú tà ní Ìlaròó, èmi ni mo ní kí á gbé e sórí Íńsítágíráàmù. Mi ò ṣe ìwádìí kankan. Ibẹ̀ lèmi fúnra mi máa ń wà ni. Oṣù méjì la fi ń gbé àwòrán síbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń tẹ àmì ọkàn sí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ra ẹyọ kan. Ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn abiyamọ ń rà á lójoojúmọ́.

Àǹtí mi ní, "Àdùkẹ́, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ ẹ náà ní ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ ni?"

Mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ìwádìí èdè: tó o bá bi èèyàn bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bó ṣe rò pé ó yẹ kóun máa sọ̀rọ̀ ni yóò sọ fún ọ. Tí mo bá bi oníbàárà pé, "Ṣé ẹ ń lo Fesibúùkù?" bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn á dáhùn. Mo wá ń bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ṣí kẹ́yìn lórí fóònù yín lálẹ́ àná?" Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mo kọ ìdáhùn oníbàárà 30 sínú ìwé kékeré kan. 21 dárúkọ Wasáàpù, 6 dárúkọ Fesibúùkù, 2 dárúkọ Tíkítọ́ọ̀kì. Fóònù ẹnì kan kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Íńsítágíráàmù.

A mú méjì àkọ́kọ́, nítorí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Wasáàpù kì í jẹ́ kí ẹni tó ti rà gbàgbé wa, ṣùgbọ́n kì í mú àlejò wá. Fesibúùkù ló lè mú àlejò wá, nínú àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn ará Yewa ti ń ṣe kárà-kátà.

Síbẹ̀, nígbà tí a gbé ọṣẹ sí sítétọ́ọ̀sì, èèyàn 9 péré ló rí i, bẹ́ẹ̀ Àǹtí mi ti séèfù nọ́ńbà bí 60. Àṣé tí àwọn náà kò bá séèfù nọ́ńbà tiwa, wọn ò ní rí i. Àwọn tó ń wá láti Ìpóbẹ̀, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti séèfù rẹ̀ ní tiwọn, ṣùgbọ́n wọn ò fi +234 ṣíwájú, nítorí náà fóònù wọn kò dá wa mọ̀. Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù la ti ń bá oníbàárà séèfù rẹ̀ kó tó lọ. Ohùn la sì fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìpóbẹ̀: Yorùbá là ń sọ lápá méjèèjì, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn níléèwé.

Alaalẹ́ là ń gbé àwòrán sí i, torí lẹ́yìn wákàtí 24, yóò parẹ́. A sì máa ń bi ẹni tó bá ra ọjà fún ìgbà àkọ́kọ́ pé, "Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Tí Fesibúùkù kò bá mú ẹnikẹ́ni wá fún oṣù kan gbáko, a ó fi í sílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, èèyàn 4 ló tibẹ̀ wá.

Ojú ìwé wa lórí Íńsítágíráàmù ṣì wà níbẹ̀. Èmi nìkan ló ń lọ síbẹ̀.