Ṣíṣà Wákàtí Kan, Báàgì Píọ́ Wọ́tà Márùn-ún

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ní Ìlaròó, àwa mẹ́rin jókòó yí ìkòkò ṣíṣà ká nínú yàrá ọ̀rẹ́ wa kan. Èédú ń pọ́n lórí rẹ̀, a sì ti fèrèsé pa nítorí ẹ̀fọn. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ayétòrò, ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre, omi ti fọ èéfín yìí. Ó sàn ju sìgá lọ." Gbogbo wa gbà á gbọ́.

Kí wákàtí kan tó pé, òun gan-an ló kọ́kọ́ ní orí ń fọ́ òun. Ó dìde, òòyì kọ́ ọ, ó bì, ó ní òun fẹ́ sùn. A gbé e jáde síta, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ara rẹ̀ sì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà yẹn la tó jókòó ṣe ìṣirò.

Ẹni tó mu sìgá kan máa ń fà á bí ìgbà 10, láàárín ìṣẹ́jú bíi 5 sí 7. Bí a bá kó gbogbo èéfín tó fà jọ, kò ju bí ìlàjì lítà lọ, ohun tó kún ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan. Ní ti ṣíṣà, fífà ẹyọ kan lè kó ìlàjì lítà yẹn wọlé. Tí ènìyàn bá fà á nígbà 100 ní wákàtí kan, ọ̀rá 100 nìyẹn, báàgì márùn-ún gbáko. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ọ́ lọ́dún 2005 pé èéfín ṣíṣà wákàtí kan lè tó ìlọ́po 100 sí 200 ti sìgá kan. Èyí kò sọ pé gbogbo májèlé inú rẹ̀ ló di ìlọ́po 100 o. Bí èéfín náà ti pọ̀ tó ni wọ́n ń wọ̀n.

Omi tí a gbẹ́kẹ̀ lé gan-an ló ń dá kún un. Ó ń mú kí èéfín tutù, kò sì ta ọ̀fun, nítorí náà a ń fà á jinlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé ń gba inú omi kọjá.

Èédú ló dá ọ̀rẹ́ wa dùbúlẹ̀. Ó ń tú kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì jáde, gáàsì kan náà tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀fọ́rí, òòyì àti èébì ni àmì rẹ̀. Ẹni tó bá rí i, kó jáde síta kíá, kó má lọ sùn. Bí ó bá dákú, ó di ilé ìwòsàn.

Ọmọ Ayétòrò wa ṣì ń bá wa ṣeré. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ti ní omi ti fọ èéfín, òun ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé: "Èédú ńkọ́?"